Owó ń jò nínú àkáǹtì mi láti oṣù kẹwàá: báwo ni kí n ṣe dí i?

Akẹ́kọ̀ọ́ Máńṣẹ́sítà, 27 oṣù karùn-ún 2025

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni mo dé Máńṣẹ́sítà wá ka másítàsì. Lánàá, káàdì mi kọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ó yẹ kí owó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo ṣí áàpù báńkì, mo ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan padà sẹ́yìn. Nǹkan mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀ tí mo ti gbàgbé pátápátá.

Jíìmù kan ń yọ £21.99 lóṣooṣù láti oṣù kẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo sì débẹ̀. Ojúlé kan tí mo ti kọ sífíì gba £1.95 pé kí n fi dán an wò fún ọjọ́ 14, àṣé ó ti ń yọ £19.95 láti ìgbà náà. Áàpù kan tó ń fi kámẹ́rà fóònù ya ìwé ń gba £4.99 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni síìmù àkọ́kọ́ tí mo rà nígbà tí mo dé, £10 lóṣooṣù, tí mi ò sì lò mọ́ láti oṣù kọkànlá.

Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ £455.41. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà mi fún mi láyè láti fi ṣiṣẹ́, £12.21 ni wọ́n ń san fún wákàtí kan. Ó ku díẹ̀ kó pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mi ò tíì lè sọ fún àwọn ará ilé.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé èyí tó ti lọ lè padà?

Bàbá Mókọ́lá

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Àwọn olè orí ayélujára ni wọ́n mú ọ. Bí wọ́n ṣe ṣe mí níbàdàn náà nìyẹn. Pe báńkì lálẹ́ yìí, sọ fún wọn pé o kò mọ̀ nípa ẹ̀, kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa, kí o lọ fi tó ọlọ́pàá létí.

Ọmọ Èkìtì ní Kẹ́ńtì

Kò le tó bẹ́ẹ̀ jàre. Wọ inú áàpù báńkì, di káàdì náà pa, gba tuntun. Nọ́ńbà á yí padà, gbogbo wọn á kàn máa gbá afẹ́fẹ́ ni. Ìṣẹ́jú méjì.

Àǹtí Nídìí Fóònù

Ẹ kú ìjókòó o. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dáhùn ìpè àwọn oníbàárà ní báńkì kan níbí, irú ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń gbọ́ ṣáá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń pọ̀ jù nínú wọn.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, kì í ṣe olè. Tó bá pè é ní olè, báńkì á pa káàdì náà, wọ́n á ṣe ìwádìí, wọ́n á sì rí i pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ nọ́ńbà káàdì síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á ní ẹjọ́ náà kò dúró. Ẹni tí olè bá wá jà lóòótọ́ lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má wọ̀ wọ́n létí mọ́.

Àbúrò mi ti Kẹ́ńtì, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó dájú dáadáa pé owó jíìmù yẹn kò gba orí káàdì kọjá. Nọ́ńbà àkáǹtì àti sort code ló fún wọn, nítorí náà kí káàdì yí ìgbà mẹ́wàá, kò kàn wọ́n. Nọ́ńbà tuntun náà kì í sì í ṣe ààbò tó o rò. Ètò kan wà láàárín àwọn báńkì àti àwọn tó ni àmì orí káàdì, òun ló ń fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yọ owó déédéé kí ìsanwó má bàa já. Obìnrin kan pè mí rí tó ti pààrọ̀ káàdì lẹ́ẹ̀mejì, tí owó ojúlé kan náà ṣì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́, má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Mú ìwé, kọ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, kí o sì kọ ọ̀nà tí owó ń gbà jáde sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí bí ọ̀nà bá yàtọ̀, bí a ṣe ń dí i náà yàtọ̀. Nínú áàpù báńkì, wo ibi tí wọ́n kọ `Direct Debits` sí. Èyí tí o bá rí níbẹ̀, inú àkáǹtì gan-an ló ti ń jáde. Èyí tí o kò bá rí níbẹ̀, káàdì ni. Tí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ `APPLE.COM/BILL`, fóònù rẹ ló ń gba owó fún ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí o kò fi rí orúkọ áàpù náà. Wo oṣù 12 sẹ́yìn, kì í ṣe mẹ́ta, torí èyí tí wọ́n ń yọ lọ́dọọdún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọjú.

Kọ èyí tó o rí fún wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Máńṣẹ́sítà

Ẹ ṣeun, Àǹtí. Jíìmù nìkan ló wà ní `Direct Debits`. Síìmù àti ojúlé sífíì wà lórí káàdì. Ti áàpù yẹn rí bí ẹ ṣe wí, `APPLE.COM/BILL`, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún láti 10 oṣù kejì.

Nǹkan kan tún yà mí lẹ́nu nípa ti sífíì. Mo rò pé oṣooṣù ni, ṣùgbọ́n 2 oṣù kejìlá, 30 oṣù kejìlá, 27 oṣù kìn-ín-ní ni mo rí, ó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 19 oṣù yìí. Ìgbà méje.

Ohun tó dùn mí jù ni ti áàpù, torí mo ti pa á rẹ́ nínú fóònù láti oṣù kẹta!

Àǹtí Nídìí Fóònù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin nìyẹn. Ìgbà 13 ni wọ́n ń gbà á lọ́dún, kì í ṣe 12. Ó túmọ̀ sí pé 16 oṣù kẹfà ni wọ́n á tún wá. Kọ ọjọ́ yẹn síbi tí wàá ti máa rí i.

Áàpù tí o pa rẹ́ kò sọ pé o kò san owó mọ́. Ọjà lo kó kúrò nínú ilé, o kò tíì já ìwé àdéhùn. `Settings`, tẹ orúkọ rẹ lókè, `Subscriptions`, ibẹ̀ ni wàá ti rí i, kí o tẹ `Cancel Subscription`.

Ti káàdì wá ni mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa. Ọjọ́ tí o tẹ nọ́ńbà sí ojúlé yẹn, o fún wọn ní àṣẹ pé kí wọ́n máa yọ ọ́. Ìwọ lo ni àṣẹ náà. Láti 2009 ni òfin ti sọ pé o lè gbà á padà lọ́dọ̀ báńkì rẹ, báńkì kò sì gbọdọ̀ ní kí o kọ́kọ́ lọ bẹ ilé-iṣẹ́ náà. Tó o bá ti sọ fún wọn, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣáájú ọjọ́ ìyọwó, wọ́n ní láti dá a dúró. Tí owó bá tún jáde lẹ́yìn tó o ti sọ fún wọn, báńkì ló máa dá a padà fún ọ, torí owó tí o kò fọwọ́ sí ni.

Síbẹ̀, kọ́kọ́ kánsẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ ojúlé náà fúnra rẹ, kí wọ́n má bàa sọ pé o ṣì jẹ wọ́n. Ya fọ́tò ojú-ìwé tí wọ́n ti jẹ́rìí sí i. Báńkì ni kí o fi tẹ̀ lé e.

Jíìmù, má tíì fọwọ́ kàn án rárá. Ka àdéhùn náà ná.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù

Ẹ gbọ́ ti àbúrò mi ọkùnrin lórí ọ̀rọ̀ jíìmù yìí. Inú áàpù báńkì ló ti pa Direct Debit rẹ́, inú rẹ̀ dùn, ó lọ. Àdéhùn ọdún kan ló fọwọ́ sí, oṣù márùn-ún ṣì kù. Lẹ́tà àwọn agbowó-gbèsè ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n ti lé owó tiwọn lé e. Ìgbà tó fẹ́ gba ilé ni wọ́n wo àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀, onílé ní kí ó wá onígbọ̀wọ́. Nítorí jíìmù!

Ọmọ Èkìtì ní Kẹ́ńtì

Ṣùgbọ́n Direct Debit ní ìdánilójú ẹ̀yìn-owó, àbí? Mo ti kà á lórí fọ́ọ̀mù wọn pé báńkì máa dá gbogbo rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Kó kàn béèrè oṣù mẹ́jọ padà.

Àǹtí Nídìí Fóònù

Ìdánilójú náà wà, ó sì lágbára, àmọ́ àṣìṣe ló wà fún: tí wọ́n bá yọ iye tí wọn kò sọ fún ọ, tàbí lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀, tàbí lẹ́yìn tí o ti fagi lé e. Ìgbàgbé kò sí nínú rẹ̀. Tí ó bá béèrè, báńkì lè dá a padà lóòótọ́, jíìmù á sì wá bá a pé kó san £175.92 tó jẹ wọ́n.

Ohun tí ìyá ìbejì sọ yẹn gan-an ni mo ń bẹ̀rù.

Àdùkẹ́ Hiúsítọ̀nù

Ẹ jọ̀ọ́, ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Báńkì tèmi ní kí n sọ fún àwọn ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó lè dá ìyọwó dúró, wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ mi fún dídá a dúró náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mò ń sá fún. Èmi gan-an ń san ti amóhùnmáwòrán mẹ́ta tí ọmọ mi ṣí.

Àǹtí Nídìí Fóònù

Àbúrò mi, ọjọ́ mẹ́ta yẹn wà nínú òfin tiyín lóòótọ́. Owó tí wọ́n gbà, báńkì kọ̀ọ̀kan ló ń dá iye tirẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ yín, mo rò pé ó sàn kí o wọ inú ojúlé kọ̀ọ̀kan lọ pa á rẹ́ ná, kí báńkì jẹ́ ibi tí wàá sá lọ tí wọ́n bá kọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Máńṣẹ́sítà, 30 oṣù karùn-ún

Mo ti padà dé. Ẹ jẹ́ kí n ro ohun tí ojú mi rí.

Mo wọ `Subscriptions` lórí fóònù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òfìfo. Ẹ̀rù bà mí. Mo wá wá ọ̀rọ̀ `receipt` nínú ímeèlì mi méjèèjì. Nígbà tí mo dé, áàpù báńkì kò sí ní ọjà áàpù ti Nàìjíríà, mo bá dá àkáǹtì Apple tuntun sílẹ̀ fún ti Ìlú Ọba. Oṣù kẹta tí mo pààrọ̀ fóònù, mo fi àkáǹtì àtijọ́ ti ilé wọlé. Inú àkáǹtì tí mo fi sílẹ̀ yẹn ni áàpù náà jókòó sí, tó ń jẹun lọ ní tirẹ̀.

Mo wọlé sí i padà. Nígbà tí mo tẹ kánsẹ́ẹ̀lì, wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ ní ìdajì owó. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó wá gbé ọjọ́ tí yóò parí jáde, mo ya fọ́tò rẹ̀. Mo lọ sí `reportaproblem.apple.com`, mo béèrè owó padà, mo sì kọ òótọ́ pé mo ti pa áàpù náà rẹ́ láti oṣù kẹta. Wọ́n dá mẹ́rin padà, £19.96. Wọ́n kọ èyí tó kù.

Ti sífíì, ojúlé náà kò jẹ́ kí n kánsẹ́ẹ̀lì lórí ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n pè. Mo pè, ìṣẹ́jú 23, wọ́n ṣe é, wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́. Mo béèrè owó ìgbà méje, £139.65. Wọ́n ní àwọn á dá ìgbà méjì padà, £39.90, kí a fi parí ẹ̀. Mi ò tíì dáhùn.

Mo pe báńkì. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n lọ yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ náà. Mo rántí ọ̀rọ̀ yín, Àǹtí. Mo ní: mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè, mo ń gba àṣẹ ìyọwó tí mo fún wọn padà ni, báńkì ló sì yẹ kó dá a dúró. Ó dákẹ́, ó ní kí n dúró díẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ní ó ti ṣe é, ó fún mi ní nọ́ńbà tí mo lè tọ́ka sí.

Síìmù ló kù, àti jíìmù.

Ọmọ Èkìtì ní Kẹ́ńtì

Síìmù rọrùn. Fi `STAC` ránṣẹ́ sí `75075`. Ó parí nìyẹn, o kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Máńṣẹ́sítà

Mo ti ṣe é lórí síìmù àtijọ́, wọ́n fi kóòdù kan ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n!

Àǹtí Nídìí Fóònù

Kò tíì parí o. Kóòdù yẹn fúnra rẹ̀ kò pa nǹkan kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn tí o ń lọ bá lo máa fún, àwọn ló máa fi gé ti àtijọ́. Ọjọ́ 30 ló fi wà láàyè. Tí o bá kàn jókòó tì í, £10 á tún jáde lóṣù tó ń bọ̀, wàá sì máa rò pé o ti ṣe é. O ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn tẹ́lẹ̀, torí náà pe ti àtijọ́ tààrà, kí o ní o ń jáde. Kó tó dìgbà yẹn, fi `INFO` ránṣẹ́ sí `85075` láti orí síìmù náà. Wọ́n á sọ fún ọ bóyá owó ìjáde kankan wà.

Dúró ná, má tíì pè. Nọ́ńbà wo lo fi sí báńkì nígbà tó o ṣí àkáǹtì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Máńṣẹ́sítà

Ha. Nọ́ńbà àtijọ́ yẹn ni.

Àǹtí Nídìí Fóònù

Físà orí ayélujára rẹ ńkọ́, àkáǹtì UKVI?

Akẹ́kọ̀ọ́ Máńṣẹ́sítà

Òun náà ni, Àǹtí. Síìmù yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀, mo máa ń fi sínú fóònù tí wọ́n bá fẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́. Mi ò ronú kan ibẹ̀ rí.

Àǹtí Nídìí Fóònù

Nígbà náà, £10 oṣù yìí kò ṣòfò. Fi síìmù náà sínú fóònù lónìí, wọ báńkì, UKVI, ọ́fíìsì owó orí, ilé-ẹ̀kọ́, yí nọ́ńbà padà sí tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan. Jáde, kí o tún padà wọlé, kí o rí i pé orí tuntun ni kóòdù ń dé sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tó pa síìmù. Wọ́n lè gbé nọ́ńbà tí o pa fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kóòdù rẹ á wá máa lọ bá àlejò.

Bàbá Mókọ́lá

Èyí ti yé mi wàyí. Bí ó ṣe rí fún wa níbí náà nìyẹn tí a bá pàdánù láìnì. Ọmọ mi, ṣe bí àǹtí rẹ ṣe wí. Kí o sì sọ fún àwọn òbí rẹ, wọn kò ní pa ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Máńṣẹ́sítà, 17 oṣù kẹfà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Àná ni 16. Mo jí ní aago mẹ́fà, mo ṣí àkáǹtì. Wọn kò yọ nǹkan kan. Aago mẹ́wàá ni ímeèlì dé láti ojúlé sífíì pé ìsanwó mi kò kọjá, kí n fi káàdì mìíràn sí i. Bẹ́ẹ̀ àwọn náà ló jẹ́rìí fún mi ní oṣù tó kọjá pé mo ti kúrò! Ká ní mi ò pe báńkì ni, wọn ì bá ti yọ ọ́.

Mo ti yí nọ́ńbà padà níbi gbogbo, mo ti pa síìmù.

Jíìmù: mo ka àdéhùn náà tán. Oṣù 12 ni, 30 oṣù kẹsàn-án ló parí, tí mi ò bá sì fún wọn ní ìwé ní ọjọ́ 30 ṣáájú, á máa lọ lóṣooṣù. Wọ́n ní àwọn lè fi í sùn, kí n máa san £5 lóṣù. Mo béèrè bóyá oṣù tó bá sùn wà nínú 12 náà. Wọ́n ní rárá, ẹ̀yìn ni wọ́n á ti fi kún un. Mo ní mi ò ṣe. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé ẹni tó bá kó lọ sí ibi tó jìnnà lè jáde pẹ̀lú ẹ̀rí. Oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń kó lọ sí Gílásígò. Mo ti kọ ìwé ìjáde ránṣẹ́, mo sì so ìwé ilé tuntun mọ́ ọn. Wọn kò tíì fèsì.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù

Má pa Direct Debit yẹn rẹ́ títí wọ́n á fi kọ̀wé padà o. Mo bẹ̀ ọ́.

Ọmọ Èkìtì ní Kẹ́ńtì

Ti £39.90 yẹn, má gbà á. Ímeèlì àná ti fi hàn pé wọn kò ṣe òtítọ́. Sọ fún báńkì kó gba méje padà fún ọ.

Àǹtí Nídìí Fóònù

Mi ò rò pé méje á gbà. Ojú-ìwé tí o ti san £1.95 ńkọ́, ṣé wọ́n kọ £19.95 síbẹ̀ gedegbe? Tí wọ́n bá kọ ọ́, ọwọ́ báńkì kò gùn jù lórí àwọn tó ti lọ ṣáájú ọjọ́ tí o pè. Tí wọ́n bá fi pa mọ́ sínú lẹ́tà kíkéré, ẹjọ́ wà. Kọ ẹ̀sùn sí wọn. Tí ọ̀rọ̀ bá wá di ti báńkì fúnra rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni báńkì sábà máa ń ní láti dáhùn kí o tó lè gbé e lọ bá Ọ́ńbọ́dísímáànù ọ̀rọ̀ owó, àwọn tó ń parí ìjà láàárín báńkì àti oníbàárà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ọmọ Èkìtì ní Kẹ́ńtì

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin tí wọ́n fi jọ oṣooṣù yẹn nìkan tó ẹjọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Máńṣẹ́sítà

Mo wá ímeèlì ọjọ́ yẹn jáde. £19.95 wà níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àdírẹ́sì wọn. Mi ò tíì mọ èyí tí màá ṣe nínú ìmọ̀ràn ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀ ná.

Àǹtí, mo wo oṣù 12 sẹ́yìn bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ìlà kan wà ní 14 oṣù kẹwàá tí mi ò kà mọ́ wọn: £34.99, ibi ìpamọ́ fọ́tò, ọdọọdún. Mo ti kánsẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lónìí. Fọ́tò ìyá mi ní pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ wà nínú rẹ̀, mo ń kó wọn jáde lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.